Dẹ́bákì, Ópà, Kàwáíì: Ohùn Tó Wà Nínú Ọ̀rọ̀ Àwọn Olólùfẹ́ Eré Kòríà àti Jàpáànì

Dẹ́bákì ni ọ̀rọ̀ tó máa ń bọ́ lẹ́nu ọmọ Kòríà nígbà tí ohun kan bá tóbi ju bí ó ti rò lọ. Lẹ́nu àwọn olólùfẹ́ orin àti eré Kòríà ní ilẹ̀ òkèèrè, ìyìn lásán ni ó dà: orin tuntun jáde, dẹ́bákì ni, akọrin wọ aṣọ tó bá a mu, dẹ́bákì náà ni. Ìtumọ̀ yìí kò burú, ṣùgbọ́n kò tó. Ọjà ni ọ̀rọ̀ náà ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ kí ó tó di igbe lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́, òórùn ọjà kò sì tíì kúrò lára rẹ̀.

Ní ọjà, èrè ńlá tó wọlé wọ̀ọ̀ ni dẹ́bákì. Fíìmù tí èrò ya lọ wò ti ṣe dẹ́bákì. Bí ẹnì kan bá ṣí ilé oúnjẹ tuntun, ará àti ọ̀rẹ́ a máa kí i pé “Dẹ́bákì náséyò”, gẹ́gẹ́ bí Yorùbá ti máa ń wí fún ọlọ́jà pé “Ẹ ó tà o, ẹ ó jèrè”. Kò sí ìwà ọmọdé kankan nínú ìkíni yìí. Àgbà lè fi kí ọmọdé, ọmọdé lè fi kí àgbà. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń fi dojú kọ ọ́ ni jókìbákì, ìyẹn igbá kékeré. Ẹni tí òwò rẹ̀ bá wó, wọ́n á ní ó ti so igbá kékeré mọ́ ìdí, èyí tí Yorùbá kò nílò ògbufọ̀ láti lóye, nítorí igbá báárà ni. Àwọn onímọ̀ èdè kò fẹnu kò lórí ibi tí dẹ́bákì fúnra rẹ̀ ti wá. Àwọn kan ní ọkọ̀ ojú omi ńlá tó kó ẹrù wọlé ni. Àwọn mìíràn tọ́ka sí ìtàn Húnbù, tálákà inú àlọ́ Kòríà, tó tọ́jú ẹsẹ̀ alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tó kán. Ẹyẹ náà mú hóró igbá wá fún un, ó gbìn ín, nígbà tó sì la àwọn igbá tó so, ọrọ̀ ló ń tú jáde nínú wọn.

Láti ara èrè ojijì ni ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ sínú ìyàlẹ́nu, ibí gan-an sì ni àwọn àjèjì ti máa ń ṣì í gbọ́. Ìyàlẹ́nu tí dẹ́bákì ń fi hàn lè jẹ́ ti rere, ó sì lè jẹ́ ti ibi. Bí ọ̀dọ́bìnrin kan bá gbọ́ pé ọ̀gá ọ̀rẹ́ òun kó owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ sá lọ, ó lè sọ pé “Họ́ọ̀lù, dẹ́bákì”. Họ́ọ̀lù yẹn dà bí “Háà!” tí ẹnu kò lè pa dé. Kò yin ọ̀gá náà, inú rẹ̀ kò sì dùn. Bí ọ̀rọ̀ náà ti tóbi tó ló ń sọ. Ẹni tó bá ti kọ́ pé “ó dára púpọ̀” ni ìtumọ̀ dẹ́bákì yóò rò pé ọmọ náà ń yọ ayọ̀ ẹ̀ṣẹ̀. Ohùn àti ojú ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Ti ayọ̀ a máa yára jáde, a sì máa fa ìparí rẹ̀ gùn. Ti ìbànújẹ́ a máa rọlẹ̀, nígbà mìíràn bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Èdè Kòríà ní ìpele ọ̀wọ̀ tó hàn ní ìparí gbólóhùn. Dẹ́bákì tó dá dúró, láìní ìparí ọ̀wọ̀ lẹ́yìn, ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ sí ẹgbẹ́ ni. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ọ́ fún ẹni tó jù ú lọ díẹ̀ a fi ìparí ọ̀wọ̀ kún un, á di “dẹ́bágiyẹ́yò”. Síbẹ̀ náà, ọ̀rọ̀ ìta ni, kò sì yẹ níwájú ẹni tí ènìyàn ń tẹrí ba fún. Èyí ló fà á tí ọ̀rọ̀ fi pọ̀ ní Gúúsù Kòríà ní oṣù kìíní ọdún 2014, nígbà tí Ààrẹ Paaki Gun-he sọ níwájú àwọn oníròyìn pé dẹ́bákì ni ìṣọ̀kan Kòríà méjèèjì yóò jẹ́. Ó ń lo ìtumọ̀ ti ọjà, pé èrè rẹ̀ yóò kọjá ohun tí yóò ná wọn. Ohun tó ya àwọn ènìyàn lẹ́nu ni pé ẹnu Ààrẹ ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti jáde, lórí ọ̀ràn tó ti ya ẹbí sọ́tọ̀ láti ọgọ́ta ọdún ó lé. Ní ọdún 2021, ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì ti Ọ́síìfọ́ọ̀dù gba dẹ́bákì wọlé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Kòríà mìíràn tó lé ní ogún, ópà sì wà lára wọn.

Ọ̀rọ̀ tí Yorùbá lè tètè mọ adùn rẹ̀ ni ópà. Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ni, ṣùgbọ́n obìnrin nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa kò bìkítà nípa akọ tàbí abo. Ti Kòríà ń wo ẹni tí wọ́n ń pè, ó sì tún ń wo ẹni tó ń pè. Obìnrin a máa pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní ópà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní ọ́nnì. Ọkùnrin a máa pe ti ọkùnrin ní híyọ̀n, ti obìnrin ní núnà. Ọkùnrin tó bá kígbe “ópà” sí akọrin tó fẹ́ràn ti gba ẹnu obìnrin sọ̀rọ̀, àwọn tó wà níbẹ̀ yóò sì rẹ́rìn-ín.

Bí “ẹ̀gbọ́n” ti jáde kúrò nínú ilé dé ọ̀dọ̀ ẹni tí a kò bá tan, bẹ́ẹ̀ ni ópà. Ó dé ọ̀dọ̀ àgbà ilé ẹ̀kọ́, ó dé ọ̀dọ̀ àfẹ́sọ́nà, ó dé orí ìtàgé. Láàárín olólùfẹ́ méjì ó dùn gan-an, nítorí ó ń sọ pé “ìwọ ni mo fẹ̀yìn tì”. Nítorí náà gan-an ni kì í fi í ṣe ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin ń fi tipátipá gbà. Ọkùnrin tó bá ní kí ọ̀dọ́bìnrin tí kò mọ̀ rí máa pe òun ní ópà ń dọ́gbọ́n kọ ẹnu ìfẹ́ sí i ni, ọ̀pọ̀ obìnrin Kòríà kò sì fẹ́ ẹ. Nínú orin Sáì tó gba ayé kan ní ọdún 2012, èyí tó fi àdúgbò Gáńnàmù sọ lórúkọ, akọrin náà ń pe ara rẹ̀ ní ópà ni. Ẹni tó bá mọ èyí ti mọ̀ pé ọkùnrin tó ń fọ́nnu níwájú obìnrin ni orin náà ń fi hàn.

Ní Jàpáànì, kàwáíì ló gba iwájú. Ẹwà kọ́ ni. Fún òkè, òdòdó tàbí obìnrin tí ẹwà rẹ̀ múni dákẹ́, àwọn ará Jàpáànì ní ọ̀rọ̀ mìíràn. Kàwáíì ni ohun tó wuni gbé mọ́ra: ọmọ ajá, ọmọ tó ń kọ́ ìrìn, ológbò funfun tí ilé iṣẹ́ Sanríò gbé jáde ní ọdún 1974 tí wọ́n pè ní Hẹ́lò Kítì. Ìtàn ọ̀rọ̀ náà ṣàlàyé ìdí. Láyé àtijọ́, ohun tó ń mú kí ojú gbóná ni ó túmọ̀ sí, nítorí “ojú” ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, bí àwa náà ti ń sọ pé ojú ń tini. Láti ara ìtìjú ó di àánú: ohun tí ènìyàn kò lè wò láìjẹ́ pé ọkàn rẹ̀ bàjẹ́. Láti ara àánú ó di ìfẹ́ sí ohun kékeré tó nílò ààbò. Ìgbà tó yá ni adùn borí, ṣùgbọ́n àánú kò kú. Ó wà láàyè nínú ọmọ ìyá rẹ̀, kàwáísóò, tó túmọ̀ sí “ó mà ṣe o”.

Ọmọ ìyá yìí ló ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí wàhálà. Nínú èdè Jàpáànì, bí wọ́n bá fi “sóò” kẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìṣàpèjúwe, ó ń di “ó jọ pé ó rí bẹ́ẹ̀”. Oíṣíì ni “ó dùn”. Oíṣísoo ni “ó jọ pé yóò dùn”, èyí tí àlejò ń sọ nígbà tí wọ́n bá gbé oúnjẹ ka iwájú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ìyá onílé gbé àwòrán ọmọ-ọmọ rẹ̀ jáde fún àlejò náà lẹ́yìn oúnjẹ. Àlejò fẹ́ sọ pé ọmọ náà jọ ẹni tó wuni gbé mọ́ra. Ó tẹ̀lé òfin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lò fún oúnjẹ, ó mú kàwáíì, ó fi sóò kẹ́yìn rẹ̀, ó sì sọ ọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín. Ohun tí ìyá gbọ́ ni “Ọmọ yìí mà ṣeni láàánú o.” Òfin náà kò ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí kàwáísóò ti ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Ohun tó yẹ kó sọ kò le rárá: “Kàwáíì desu né”, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ewu kejì wà nínú ohùn. Kòwáì ni “ó ń bani lẹ́rù”. Ẹni tó bá gé ìparí kàwáíì kúrú, tó sì gbé “a” àkọ́kọ́ sọ bí “o”, ti yí ọmọ ajá padà di ìwin. Etí Yorùbá, tó mọ̀ pé ohùn ń yí ìtumọ̀ padà, kò gbọdọ̀ ṣòro fún láti yà wọ́n sọ́tọ̀: fáwẹ́lì gígùn ni kó gbọ́, kó sì gbọ́ ibi tí ohùn ti sọ̀ kalẹ̀.

Àánú tó fara pamọ́ yìí tún mú kí kàwáíì máa wo ìsàlẹ̀. Ẹni tó tóbi ló ń sọ ọ́ nípa ohun tó kéré. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin Jàpáànì ń lò ó fún aṣọ, àpò àti èékánná, wọ́n sì máa ń sọ ọ́ nípa ọ̀gá àgbàlagbà tó ṣe nǹkan bí ọmọdé, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Òṣìṣẹ́ tó bá sọ lójú ọ̀gá rẹ̀ pé kàwáíì ni ọ̀gá náà lè pa á lẹ́rìn-ín, ó sì lè rí i fín. Ìjọba kò rí ìfín kankan nínú ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀: ní ọdún 2009, ilé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ òkèèrè Jàpáànì yan ọ̀dọ́bìnrin mẹ́ta láti máa gbé àṣà kàwáíì kiri ayé.

Òtákú ni ọ̀rọ̀ tí ìwọ̀n rẹ̀ yàtọ̀ jù nílé àti lókèèrè. “Ilé yín” ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, èyí tí wọ́n ń lò fún “ẹ̀yin” nígbà tí ọ̀wọ̀ bá pọ̀. Láàárín àwọn ọ̀dọ́ tó ń ka ìwé àwòrán Jàpáànì, àwọn kan ń pe ẹgbẹ́ ara wọn bẹ́ẹ̀, bí ìgbà tí ọmọ ogún ọdún bá ń fi “ẹ̀yin” bá ọmọ ogún ọdún sọ̀rọ̀ lórí pápá. Ní ọdún 1983, òǹkọ̀wé Nakamórì Akió fi í sọ wọ́n lórúkọ nínú ìwé ìròyìn kan, kò sì sọ ọ́ ní rere: àwọn tí kò mọ bí a ti ń bá ènìyàn gbé ló ń pè bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1989, wọ́n mú ọkùnrin kan tó pa àwọn ọmọbìnrin kéékèèké, àwọn oníròyìn sì ṣàfihàn fídíò tó kún yàrá rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, fún ọ̀pọ̀ ọdún, òtákú di ọ̀rọ̀ tí òbí kì í fẹ́ gbọ́ mọ́ orúkọ ọmọ òun. Ó ti rọ̀ báyìí, ọ̀dọ́ Jàpáànì lè pe ara rẹ̀ ní òtákú ọkọ̀ ojú irin tàbí òtákú orin láìtijú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń pe ara rẹ̀ àti ẹni tí àjèjì pè kò rí bákan náà. Olólùfẹ́ eré Jàpáànì láti ilẹ̀ mìíràn, tó ti so orúkọ náà mọ́ àyà bí àmì ẹ̀yẹ, lè fi í kí àgbàlagbà kan ní Tókíò pẹ̀lú inú dídùn, kí àgbàlagbà náà sì rántí ọdún 1989.