Owó kéékèèké tí báńkì ń yọ nínú àkáǹtì

Owó kéékèèké tí báńkì ń yọ ni owó tí báńkì máa ń gé nínú àkáǹtì oníbàárà fún iṣẹ́ tí ó ṣe fún un, tàbí èyí tí ìjọba ní kí báńkì bá òun gbà. Ní Nàìjíríà, àwọn tó wọ́pọ̀ ni owó òǹtẹ̀, owó áláàtì, owó ìtọ́jú káàdì àti owó ìfowóránṣẹ́. Kọ́bọ̀ tó wà ní ìdí iye náà sábà máa ń fi ẹni tó ni owó hàn.

Owó òǹtẹ̀

Ìjọba ló ni owó yìí, báńkì kàn ń bá a gbà á ni. Ní oṣù Kìíní ọdún 2016, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà pàṣẹ pé kí a máa yọ ₦50 lórí owó tó bá wọlé láti ₦1,000 sókè. Òfin Ìṣúná ọdún 2019 gbé ààlà náà lọ sí ₦10,000. Ti ọdún 2020 sì yí orúkọ rẹ̀ padà, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ìwé àkọsílẹ̀ àkáǹtì fi ń kọ EMTL nígbà náà. Láti ọjọ́ Kìíní oṣù Kìíní ọdún 2026, lábẹ́ òfin owó-orí tuntun, ẹni tó ń fi owó ránṣẹ́ ni ó ń san án, kì í ṣe ẹni tó gbà á mọ́. Owó oṣù òṣìṣẹ́ kò sí lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni owó tí ènìyàn gbé láàárín àkáǹtì tirẹ̀ méjì nínú báńkì kan náà.

Owó tí báńkì fúnra rẹ̀ ń gbà

Ìlànà tí Báńkì Àpapọ̀ gbé jáde fún ọdún 2020 fi òpin sí iye tí báńkì lè gbà. Fífi owó tí kò tó ₦5,000 ránṣẹ́ sí báńkì mìíràn jẹ́ ₦10. Láti orí ìyẹn dé ₦50,000 jẹ́ ₦25. Ohun tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ jẹ́ ₦50. Ìtọ́jú káàdì jẹ́ ₦50 ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, lórí àkáǹtì ìfowópamọ́ nìkan. Àkáǹtì kọ́rẹ́ǹtì kì í san owó káàdì, nítorí pé ó ti ń san owó ìtọ́jú àkáǹtì, tí kò gbọ́dọ̀ ju ₦1 lọ lórí ₦1,000 tó bá jáde. Áláàtì orí fóònù jẹ́ ₦4 tẹ́lẹ̀; ó di ₦6 ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025.

Owó-orí ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, tí a ń kọ ní VAT, máa ń gorí owó iṣẹ́ báńkì. Báyìí ni ₦10 ṣe ń di ₦10.75, tí ₦25 ń di ₦26.88, tí ₦50 sì ń di ₦53.75. Owó òǹtẹ̀ kì í ní kọ́bọ̀ ní ìdí: ₦50 gééré ni. Àmọ́ àwọn báńkì kan ń kọ VAT sí ìlà tirẹ̀, nítorí náà ó yẹ kí a wo ìlà tó tẹ̀ lé ₦50 kí a tó pè é ní owó òǹtẹ̀.

Àpẹẹrẹ

Ká mú aránṣọ kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní GRA, Ìlọrin, tó ń lo àkáǹtì ìfowópamọ́. Ní oṣù Kẹta ọdún 2026, oníbàárà márùn-ún san ₦15,000 sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Òun náà fi ₦4,000 ránṣẹ́ fún òwú, ₦20,000 fún aṣọ, àti ₦60,000 fún owó ilé, gbogbo rẹ̀ sí báńkì mìíràn. Owó ìfowóránṣẹ́ yóò jẹ́ ₦10.75, ₦26.88 àti ₦53.75, àròpọ̀ ₦91.38. Owó òǹtẹ̀ yóò jẹ́ ₦100, nítorí pé ₦4,000 kò dé ààlà. Áláàtì mẹ́jọ jẹ́ ₦48. Bí káàdì bá bọ́ sí oṣù náà, ₦53.75 mìíràn yóò jáde. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦293.13.

₦53.75 méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan fún owó ilé, ọ̀kan fún káàdì. Ẹni tó bá wo iye nìkan yóò rò pé wọ́n gba owó ìfowóránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Àlàyé ẹ̀gbẹ́ iye náà ló ń yanjú rẹ̀: bí CARD tàbí MAINT bá wà níbẹ̀, ti káàdì ni.

Ohun tó yẹ kí a fura sí

Áláàtì orí fóònù kò tó fún àyẹ̀wò, nítorí pé báńkì lè kó owó áláàtì oṣù kan jọ kí ó tó yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Bí àkáǹtì bá sì gbẹ, gbèsè náà yóò dúró de owó tó bá kọ́kọ́ wọlé. Ìwé àkọsílẹ̀ oṣù mẹ́ta ni kí a gbà, kí owó káàdì lè hàn nínú rẹ̀. Nínú ìwé aránṣọ yẹn, ₦50 lábẹ́ owó òwú jẹ́ àṣìṣe, bẹ́ẹ̀ ni èyí tó bá wà lábẹ́ owó tí oníbàárà san wọlé. Owó káàdì lórí àkáǹtì kọ́rẹ́ǹtì kò tọ̀nà rárá. Bí owó tí a fi ránṣẹ́ bá sì padà, kí a wò ó bóyá owó iṣẹ́ àti owó òǹtẹ̀ bá a padà. Èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í wò, nítorí pé ayọ̀ owó tó padà ti gbà wọ́n lọ́kàn.

Báńkì fúnra rẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń kọ̀wé sí, pẹ̀lú ọjọ́, iye àti àlàyé ìlà tó kù díẹ̀ káàtó, kí a sì gba nọ́ńbà ẹ̀sùn. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí ojútùú, a lè gbé e lọ sí ẹ̀ka ààbò oníbàárà ní Báńkì Àpapọ̀, ní cpd@cbn.gov.ng, tàbí kí a fi lẹ́tà náà sílẹ̀ ní ẹ̀ka Báńkì Àpapọ̀ tó wà ní Ìlọrin.