Ọ̀wọ́n Gógó Dínkù, Gàrí Ò Wálẹ̀

Ìṣẹ́jú márùn-ún ni ètò tó ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọjà kan lọ́sẹ̀ máa ń gbà lórí rédíò. Tí a bá yọ orin àti ìkíni kúrò, ọ̀rọ̀ kan péré ni àkókò tó ṣẹ́ kù gbà. Ẹ jẹ́ ká mú ìwọ̀n ọ̀wọ́n gógó, torí òun ló ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ jù. Ìròyìn á ní ó ti wálẹ̀. Ìyá tó ń ti ọjà bọ̀ á ní irọ́ ni, iye tóun ra gàrí tún lé sí i. Àwọn méjèèjì lè máa sọ òótọ́, ibẹ̀ sì ni kí ohun tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ máa kà ti bẹ̀rẹ̀:

“Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ká ní ẹgbẹ̀rún náírà ni kóńgò gàrí kan lọ́dún méjì sẹ́yìn. Nígbà tó di èṣí, ó di ẹgbẹ̀fà. Igba náírà ló gorí ẹgbẹ̀rún, ìyẹn ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún. Lọ́dún yìí, ọgọ́fà náírà ló tún gorí ẹgbẹ̀fà, ìyẹn ìdá mẹ́wàá. Ọ̀wọ́n gógó ti já sí ìdajì, síbẹ̀ ẹ ó san ọgọ́fà náírà ju ti èṣí lọ. Eré tí owó ọjà ń sá ló dínkù. Kò tíì yíjú padà.”

Ẹ wo bí a ṣe kọ iye owó náà ní ọ̀rọ̀. Bí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bá bá 1,320 níwájú, ó lè kọsẹ̀, etí ò sì lè ṣí ojú ìwé padà. Ìdí nìyẹn tí mo fi fara mọ́ iye tó rọrùn láti gbé sọ́kàn.

Àpẹẹrẹ lásán ni gàrí o. Oúnjẹ, owó ilé, owó ọkọ̀ àti ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn ni Àjọ Ìṣirò Orílẹ̀-èdè ń kó pọ̀ ṣírò lóṣooṣù, wọ́n á sì fi wé oṣù kan náà lọ́dún tó ṣáájú. Gàrí lè gbówó lórí nígbà tí àròpọ̀ wọn ń rọlẹ̀.

Ibi tó ti ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà jù ni ti oṣù kìíní ọdún 2025. Ní oṣù kejìlá ọdún 2024, ìwọ̀n náà jẹ́ ìdá 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún. Oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n kéde 24.48. Ọjà ò rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láàárín oṣù kan. Àjọ náà ló tún ọ̀nà ìṣirò rẹ̀ ṣe: ó kúrò lórí ọdún 2009 tó ti ń fi ṣe ìpìlẹ̀, ó bọ́ sórí 2024, ó sì dín ìpín oúnjẹ nínú ìṣirò náà kù. Bí ètò bá fẹ́ fẹnu ba ìsọ̀kalẹ̀ yẹn, ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́ gbangba pé: “Ìṣirò tuntun lèyí, ẹ má fi wé ti oṣù tó kọjá.” Bí àkókò ò bá tó, orin ni kí wọ́n gé.