Bí a ṣe ń dá ímeèlì tó fi ẹ̀sùn kàn wá láìtọ́ lóhùn: ọ̀rọ̀ owó òrùlé láti Okala sí Kétu

Owó tí ẹbí dá jọ nílẹ̀ òkèèrè wà lára ohun tó ń tètè dá ìjà sílẹ̀ láàárín ọmọ ìyá. Ẹni tó gba owó wà lọ́hùn-ún, ẹni tó ń ná an wà nílé, ímeèlì àti Wọ́sáàpù ló sì wà láàárín àwọn méjèèjì. Bí iye tó dé kò bá bá iye tí a dá mu, ẹ̀sùn olè kò jìnnà. Ọ̀nà tí ẹni tí a fẹ̀sùn kàn bá gbà dáhùn ló máa ń pinnu bóyá ọ̀rọ̀ náà yóò parí lọ́sẹ̀ kan tàbí kí ó di ohun tí àwọn ọmọ yóò jogún.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ká sọ pé ìdílé méjìlá tó wá láti agboolé kan ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ń gbé ní Libreville ní Gàbọ̀n. Wọ́n fẹ́ tún òrùlé ilé bàbá wọn ṣe. Ìdílé kọ̀ọ̀kan dá 25,000 owó sẹ́fà, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 300,000. Obìnrin kan tó ń ta oúnjẹ ní Okala, ní apá àríwá ìlú náà, ni akápò. Òun ló fi owó ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní Kútọnu, ẹni tó ń bójú tó iṣẹ́ náà. Ọjọ́ kẹta ni ímeèlì yìí wọlé, ẹ̀gbọ́n sì ti fi í ránṣẹ́ sí gbogbo ìdílé méjèèjìlá:

"Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ yìí dùn mí. Ẹ dá 300,000, 288,000 ló dé ọwọ́ mi. Níbo ni 12,000 wọlé sí? Owó sẹ́fà ni tiyín, owó sẹ́fà ni tiwa, kò sí ohun tó yẹ kó dín. Oṣù kejì lẹ ti parí ìdáwó, oṣù kẹta lo tó fi ránṣẹ́. Bí o ṣe máa ń ṣe nìyí. Ẹni tó bá ń jẹ owó òrùlé bàbá rẹ̀, kí ló kù tí kò ní jẹ?"

Ẹ wo ohun tó wà nínú ímeèlì náà. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kí ẹ mú bébà, kí ẹ sì pín gbolóhùn rẹ̀ sí ọ̀nà méjì: èyí tí ènìyàn lè yẹ̀ wò, àti èyí tí ẹnikẹ́ni kò lè yẹ̀ wò. Iye tí a dá, iye tó dé, ọjọ́ tí owó kúrò ní Libreville àti ọ̀rọ̀ pé sẹ́fà kan náà ni, gbogbo wọn ni a lè yẹ̀ wò. "Bí o ṣe máa ń ṣe nìyí" àti gbolóhùn tó kẹ́yìn, èébú ni. Apá àkọ́kọ́ nìkan ni a óò dáhùn. Bí akápò bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé irú ènìyàn tí òun jẹ́, àwọn tó ń kà á yóò gbàgbé 12,000, ìwà rẹ̀ ni wọn yóò máa jíròrò.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá ìdí tí iye náà fi dín kí ẹ tó kọ nǹkan kan. Rìsíìtì ilé ìfowóránṣẹ́ ló ń sọ ọ́. Akápò yìí kó 300,000 lé orí káńtà. Wọ́n yọ 12,000 gẹ́gẹ́ bí owó ìfiránṣẹ́, èyí tí rìsíìtì èdè Faransé ń pè ní "Frais", wọ́n sì fi 288,000 tó kù ránṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n kò rí rìsíìtì náà rí. Ohun tó dé ọwọ́ tirẹ̀ nìkan ló mọ̀.

Ọ̀rọ̀ sẹ́fà náà fẹ́ àlàyé, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń rò bí ẹ̀gbọ́n ṣe rò. Owó sẹ́fà méjì ló wà. Èyí tí a ń ná ní Gàbọ̀n, báńkì BEAC tó wà ní Yaoundé ló ń gbé e jáde, XAF ni àmì rẹ̀. Èyí tí a ń ná ní Bẹ̀nẹ̀, báńkì BCEAO tó wà ní Dakar ló ń gbé e jáde, XOF ni àmì tirẹ̀. Iye kan náà ni a so àwọn méjèèjì mọ́: yúrò kan jẹ́ 655.957 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tí 288,000 fi kúrò ní Libreville tí 288,000 sì fi dé Kútọnu. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1993, àwọn báńkì méjèèjì kò gba bébà owó ara wọn padà mọ́. Ènìyàn kò lè gbé owó Gàbọ̀n lọ sí ọjà Kútọnu kí ó sì fi ra páànù. Ilé ìfowóránṣẹ́ ló ń bá wa ṣe é kọjá, ó sì ń gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n jàre pé iye kan náà ni sẹ́fà méjèèjì; ibi tó ti ṣì í ni pé ó rò pé wọ́n jẹ́ owó kan náà.

Ó kan ìdáhùn gan-an. Ẹ má ṣe kọ ọ́ sábẹ́ ímeèlì náà ní kíákíá. Ẹ ṣí ímeèlì tuntun tí kò ní àdírẹ́sì ẹnikẹ́ni, kí ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí ìka bá ṣèèṣì tẹ bọ́tìnì, kò ní ibi tí yóò lọ. Ẹni tó ń lo Gmail lédè Faransé tún lè lọ sí "Paramètres" lórí kọ̀ǹpútà, kí ó wá "Annuler l'envoi", kí ó sì fi ìṣẹ́jú àáyá rẹ̀ sí 30, èyí tó pọ̀ jù lọ níbẹ̀. Láàárín àkókò yẹn, ẹ ṣì lè dá ímeèlì tí ẹ fi ránṣẹ́ padà.

Ìdáhùn akápò náà lè lọ báyìí:

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ ilé. Mo ka ímeèlì tí ẹ kọ ní ọjọ́ 12 oṣù kẹta.

Ẹ béèrè ibi tí 12,000 wà. Owó ìfiránṣẹ́ ni. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹta, mo san 300,000 fún ilé ìfowóránṣẹ́. Wọ́n yọ 12,000, wọ́n sì fi 288,000 ránṣẹ́. Àwòrán rìsíìtì náà wà nísàlẹ̀, iye méjèèjì sì wà lórí rẹ̀. N kò mú nǹkan kan nínú owó náà.

Òótọ́ ni pé owó náà pẹ́. Ìdílé mọ́kànlá ti san kí oṣù kejì tó parí. Èyí tó kù wọlé ní ọjọ́ 8 oṣù kẹta, mo sì fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Òótọ́ sì ni pé n kò sọ iye owó ìfiránṣẹ́ fún yín ṣáájú.

Bí iṣẹ́ òrùlé bá nílò 300,000 gééré, ẹ jọ̀wọ́ ẹ jẹ́ kí n gbọ́ kí ọjọ́ 20 oṣù yìí tó kọjá. Ìdílé kọ̀ọ̀kan lè fi 1,000 kún un, pẹ̀lú owó tí a óò fi rán an. Àbúrò yín ní Okala."

Ẹ kíyè sí i pé kò sọ fún ẹ̀gbọ́n pé irọ́ ló ń pa. Lédè wa, àbúrò kì í sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n, bó bá sì sọ ọ́, ẹjọ́ tuntun ti dé nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ kò ní kó dákẹ́ lórí ẹ̀sùn náà. "N kò mú nǹkan kan nínú owó náà" wà níbẹ̀ ketekete, ẹ̀ẹ̀kan péré, lẹ́yìn tí rìsíìtì ti sọ̀rọ̀. Ó tún gba ohun tó jẹ́ òótọ́, èyí tó jẹ́ kí àwọn tó kù gbà á gbọ́ níbi tó ti sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sì dárúkọ ìdílé tó san pẹ́, nítorí ìjà kejì ni ìyẹn ìbá dá sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó gba ìṣọ́ra: "ẹ má bínú." Lẹ́nu wa, ìwà ọmọlúàbí lásán ni. Nínú ìwé tí ènìyàn méjìlá yóò kà, ó lè dà bíi pé akápò jẹ́wọ́, pàápàá bí ọmọ kan tó gbọ́ Faransé ju Yorùbá lọ bá tú u fún àwọn yòókù. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ so ó mọ́ ohun kan pàtó: ẹ lè kọ "Ẹ má bínú pé n kò sọ owó ìfiránṣẹ́ ṣáájú," ṣùgbọ́n ẹ má kọ "Ẹ má bínú nítorí owó náà."

Nígbà tí ẹ bá ń ka ohun tí ẹ kọ, ẹ wá àwọn ọ̀rọ̀ bíi "nígbà gbogbo," "ẹ ti máa ń," "gbogbo ayé mọ̀." Ibi tí wọ́n bá wà, ìbínú ló kọ gbolóhùn yẹn. Ẹ yọ ọ́. Bí àwòrán rìsíìtì bá ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ yín tàbí kóòdù ìgbàwó, ẹ bò ó mọ́lẹ̀ kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ fi ọjọ́ àti iye owó sílẹ̀.

Ta ni ẹ óò fi ránṣẹ́ sí? Àwọn tó ka ẹ̀sùn náà ni, kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Níbí, "Répondre à tous" ló yẹ, nítorí ẹ̀gbọ́n ti sọ ọ́ níwájú gbogbo ìdílé. Ká ní òun nìkan ló kọ ọ́ sí ni, "Répondre" ni akápò ìbá tẹ̀. Ẹ má ṣe fi ẹnikẹ́ni pa mọ́ sí "Cci", nítorí bó bá hàn lẹ́yìn náà, òótọ́ yín yóò di ọgbọ́n àrékérekè.

Bí ẹ̀gbọ́n bá tún kọ èébú wá láìfọwọ́ kan rìsíìtì, ìlà méjì tó: "Mo ti ka èyí tí ẹ kọ. Ìdáhùn mi àti rìsíìtì wà nínú ímeèlì mi ọjọ́ 13." Lẹ́yìn èyí, ó ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ímeèlì. Ẹ pè é lórí fóònù, tàbí kí ẹ ní kí àgbà kan nínú ẹbí pe ẹ̀yin méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ sì wà tí irú ìdáhùn yìí kò tó fún. Bí ẹ̀sùn náà bá ti ọ̀dọ̀ lọ́yà wá, tàbí tó dárúkọ ọlọ́pàá, ẹ má dáhùn kí ẹ tó fi í han lọ́yà tiyín. Ẹ má sì pa ímeèlì náà rẹ́. Nínú Gmail lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ṣí i, kí ẹ tẹ àmì tótó mẹ́ta tó wà lókè rẹ̀, "Afficher l'original", lẹ́yìn náà "Télécharger l'original". Ìyẹn yóò tọ́jú ọjọ́, wákàtí àti ọ̀nà tí ímeèlì náà gbà dé, èyí tí àwòrán ojú fóònù kò lè fi hàn.

Ní ti akápò Okala, ìlà kan ló kù láti fi kún ìwé ìdáwó tó ń bọ̀: iye tí ìdílé kọ̀ọ̀kan dá, iye tí ilé ìfowóránṣẹ́ yóò yọ, iye tí yóò dé Kútọnu. Bí gbogbo wọn bá ti rí i kí owó tó kúrò ní Libreville, 12,000 kò tún ní di ìbéèrè.