Sùúrù Nígbà Tí Owó Ìpín Bá Ń Já Wálẹ̀

Àwọn kan nínú yín bi wá léèrè pé, bí owó ìpín, tí a ń pè ní ṣíà, bá ń já wálẹ̀, ṣé kí èèyàn tà á ni àbí kó ní sùúrù? Ìtàn kékeré yìí ni ìdáhùn wa.

Ìyá kan ń ta èlùbọ́ ní Ọjà Ọba, l'Ákùúrẹ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin jẹ́ tíṣà ní ìlú Oǹdó. Ní 2007, ọmọ náà fi owó tí òun àti ìyá rẹ̀ jọ kó jọ ra ìpín 1,000 ní báńkì kan, ẹyọ kan ₦30, ó sì ra 1,000 ní ilé-iṣẹ́ oúnjẹ kan, ẹyọ kan ₦20. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦50,000.

Ní oṣù Kẹta 2008, òṣùwọ̀n gbogbo ìpín ní ọjà Èkó ti ga ju 66,000 lọ. Nígbà tí yóò fi di oṣù Kẹta 2009, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 20,000. Àwọn òyìnbó tó ra ìpín ti kó owó wọn lọ. Àwọn tó yá owó báńkì ra ìpín kò sì lè dúró, nítorí báńkì ń ta ìpín wọn láti fi gba gbèsè. Títà yẹn tún ń rẹ owó sílẹ̀ sí i.

Ti báńkì ọmọ wa di ₦6, ti oúnjẹ di ₦8. Ó sáré wá s'Ákùúrẹ́.

"Ìyá mi, ẹ jẹ́ ká ta gbogbo rẹ̀."

Ìyá ní, "Bí owó èlùbọ́ bá wálẹ̀, ṣé àpò tó wà nínú ìsọ̀ mi dín kù ni? Àmọ́ bí kòkòrò bá ti wọ̀ ọ́, n kì í dúró. Lọ tú àpò wò ná."

Ọmọ náà ka ìwé ìṣirò ọdọọdún àwọn ilé-iṣẹ́ méjèèjì. Ti oúnjẹ ṣì ń jèrè, gbèsè rẹ̀ kéré, ó sì san ₦1 lórí ìpín kọ̀ọ̀kan. Ní ti báńkì, àwọn tó yá owó kò san án padà. Ó ta ti báńkì ní ₦6,000. ₦24,000 bá a lọ. Ó di ti oúnjẹ mú, bó tilẹ̀ tún já sí ₦5.

Ṣé ó ṣe àṣejù ni? Ní oṣù Kẹjọ 2009, Báńkì Àpapọ̀ yọ ọ̀gá báńkì márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 2011, ìjọba gba báńkì mẹ́ta, Afíríbáńkì, Báńkì PHB àti Spring Báńkì, àwọn tó ní ìpín níbẹ̀ kò sì rí kọ́bọ̀ gbà. Sùúrù kankan kò lè gba irú ìpín bẹ́ẹ̀ là. Fún ọjà lápapọ̀, 2023 ni òṣùwọ̀n yẹn tó tún kọjá ti 2008: ọdún 15 gbáko! Owó oúnjẹ àti owó ilé-ìwé ọmọ kò lè dúró tó bẹ́ẹ̀.

Ìpín inú ẹgbẹ́ wa yàtọ̀ o. A kì í tà á lọ́jà, nítorí náà iye tí ẹ san ni iye tó ń jẹ́. Ṣùgbọ́n kòkòrò tiwa náà wà: ẹ̀yáwó tí a kò san padà. Ìdí nìyí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ máa wá gbọ́ ìṣirò ní ìpàdé ọdọọdún.