Bí Mẹ́gà Bá Ka Iye Kékeré Lásìkò Òjò

Mọ́tò tó tutù àti mọ́tò tó bàjẹ́ lè fi iye kan náà hàn lójú mẹ́gà. Ẹni tí kò bá mọ̀ wọ́n yàtọ̀ á sanwó kí wọ́n tún kọ́ìlì wé, bẹ́ẹ̀ ooru ọjọ́ kan péré lè tó láti gba mọ́tò náà là.

Nínú mọ́tò, fáníìṣì tó bo wáyà àti bébà líle tó wà láàárín kọ́ìlì àti irin ni kì í jẹ́ kí iná bọ́ sára irin. Mẹ́gà ló ń dán ìbora yìí wò. Fún mọ́tò tó ń lo 415 fóólìtì, 500 fóólìtì ni a máa ń fi dán an, irú iná tí kì í yí padà bíi ti bátìrì. A óò kọ́kọ́ pa iná, a óò sì yọ gbogbo okùn iná kúrò lára mọ́tò, torí ohunkóhun tó bá so mọ́ ọn ni mẹ́gà yóò wọ̀n pọ̀ mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà, a óò fi ẹsẹ̀ kan kan kọ́ìlì, ìkejì sára irin tó mọ́. Iye tó bá kà jẹ́ mẹgóòmù, ìyẹn mílíọ̀nù óòmù.

Iye náà kì í dúró sójú kan. Níbẹ̀rẹ̀, ìbora ń fa iná mu díẹ̀díẹ̀. Bó ti ń yó ni iná tó ń wọlé ń dínkù, tí iye sì ń gòkè. Àmọ́ iná tó ń jò gba ojú omi tàbí ìdọ̀tí kì í dínkù. Ìdí nìyí tí a fi ń ka iye lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, tí a tún ń kà á lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tí a wá fi ti àkọ́kọ́ pín ti ìkẹyìn. Àbájáde rẹ̀ ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní Pí-Àì. Ìlànà IEEE 43 ní kó má dín ní 2 fún ọ̀pọ̀ ìbora òde òní, kí iye ìṣẹ́jú kan má sì dín ní mẹgóòmù 5 fún irú mọ́tò kékeré yìí, tí a bá ṣírò rẹ̀ sí 40°C.

Ká ní mọ́tò pọ́ǹpù omi kan ti dúró láìṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú oṣù Keje. Kọ́ìlì wà ní 26°C, afẹ́fẹ́ náà wà ní 26°C, ọ̀rinrin sì tó ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀, ìrì ń sẹ̀ sára ohunkóhun tó bá tutù tó nǹkan bí 25°C, nítorí náà bí kọ́ìlì bá fi díẹ̀ tutù sí i, omi ti bò ó nìyẹn. Mẹ́gà ka 3 ní ìṣẹ́jú kan, ó ka 3.3 ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Pí-Àì jẹ́ 1.1. Ó dájú pé iná ń jò, ṣùgbọ́n kò tíì dájú bóyá omi ló fà á, tàbí pé ìbora ti jóná.

Gbígbẹ ni yóò sọ ọ́. A óò nu ìdọ̀tí kúrò, a óò fi gílóòbù tàbí hítà kékeré mú un gbóná díẹ̀díẹ̀, a óò sì fi ihò sílẹ̀ kí oruku omi rí ọ̀nà jáde. Kí kọ́ìlì má kọjá 80°C. Kí ọkàn má pòrúurùu bí iye bá kọ́kọ́ wálẹ̀ sí 1.2: ooru fúnra rẹ̀ máa ń dín in kù. Lọ́jọ́ kejì, ní 60°C, mẹ́gà ka 45 ní ìṣẹ́jú kan, ó sì ka 108 ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Pí-Àì di 2.4. Ooru 10°C kan máa ń dín iye kù sí ìdajì, nítorí náà 45 ní 60°C fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 180 ní 40°C. Omi ló wà níbẹ̀, mọ́tò yè. Ká ní lẹ́yìn tó gbẹ tán, iye ò kúrò ní nǹkan bí 2, a jẹ́ pé ìbora ló ní àbùkù, ó di ọ̀dọ̀ àwọn tó ń wé kọ́ìlì.

Ìdánwò yìí ní ibi tó mọ. Nínú mọ́tò kékeré, iye lè gòkè tán láàárín ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta, nítorí náà Pí-Àì kékeré lórí iye ńlá kì í ṣe ẹ̀bi. Bákan náà, mẹ́gà ò lè rí i bí wáyà méjì nínú kọ́ìlì kan bá ń kan ara wọn, torí àárín kọ́ìlì àti irin nìkan ló ń wò. Lẹ́yìn ìdánwò, ẹ so kọ́ìlì mọ́ irin fún ó kéré tán ìlọ́po mẹ́rin àkókò tí ẹ fi dán an, nítorí iná ṣì wà nínú rẹ̀ tó lè gbá ènìyàn.

Mọ́tò tó máa ń dúró pẹ́ nílò hítà kékeré nínú rẹ̀, tí yóò máa jó nígbà tí kò bá ṣiṣẹ́. Bí kọ́ìlì bá fi ìwọ̀n díẹ̀ gbóná ju afẹ́fẹ́ lọ, ìrì ò ní sẹ̀ sí i.