Bí A Ṣe Ń Kọ̀wé Láti Fagi Lé Àdéhùn Sọ́fútíwíà Ọlọ́dọọdún



Púpọ̀ nínú wa ló ń lo sọ́fútíwíà báyìí láti fi ṣírò ọjà àti gbèsè oníbàárà. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún la máa ń san owó rẹ̀, káàdì báǹkì la sì fi ń san án. Bí ọdún bá ti yí po, ilé iṣẹ́ tó ni ín á tún yọ owó ọdún mìíràn fúnra rẹ̀, kò ní dúró béèrè. Ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ mọ́ ní láti sọ bẹ́ẹ̀, kó sì sọ ọ́ lásìkò. Pípa sọ́fútíwíà náà rẹ́ lórí fóònù kò fagi lé àdéhùn.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìyá aláṣọ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ó san 60,000 náírà ní ọjọ́ 1 Oṣù Kẹwàá 2025. Owó rẹ̀ yóò gbé e dé ọjọ́ 30 Oṣù Kẹsàn-án 2026, wọn yóò sì tún yọ òmíràn ní ọjọ́ 1 Oṣù Kẹwàá. Ọ̀pọ̀ èèyàn á rò pé bí òun bá kọ̀wé ní ọjọ́ 15 Oṣù Kẹsàn-án, ó ti yá tó. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ ọ́ sínú àdéhùn pé kí oníbàárà sọ̀rọ̀ ní 30 ọjọ́ ṣáájú, ọjọ́ 1 Oṣù Kẹsàn-án ni òpin. Ẹni tó kọ̀wé ní ọjọ́ 15 ti pẹ́, 60,000 náírà sì lè bá a lọ. Nítorí náà, ọjọ́ 17 Oṣù Kẹjọ ló yẹ kí ìyá wa kọ tirẹ̀, kí àyè lè wà láti tún béèrè bí wọn kò bá dáhùn.

Kó fi ímeèlì tó fi forúkọ sílẹ̀ ránṣẹ́, nítorí wọn lè má ka èyí tó bá ti ibòmíràn wá sí tirẹ̀. Bí ìwé náà ṣe lè lọ nìyí:

"Ẹ̀yin alákòóso, mo fẹ́ fagi lé àdéhùn ọlọ́dọọdún mi, nọ́ḿbà rẹ̀ ni 4471. Yóò parí ní ọjọ́ 30 Oṣù Kẹsàn-án 2026. Ẹ má ṣe tún un ṣe, ẹ má sì yọ owó kankan lórí káàdì mi fún ọdún tó ń bọ̀. Mo fẹ́ máa lò ó títí di ọjọ́ tí ó máa parí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ̀wé sí mi láàárín ọjọ́ márùn-ún, kí ẹ sọ ọjọ́ tí àdéhùn náà máa dópin, kí ẹ sì sọ pé ẹ kò ní yọ owó mọ́."

Ẹ kíyè sí i pé ó ní òun ṣì fẹ́ máa lò ó. Bí kò bá sọ ọ́, wọ́n lè tì í pa lọ́jọ́ náà gan-an, kó sì pàdánù oṣù kan àtààbọ̀ tó ti san owó rẹ̀. Kó tó kọ̀wé rárá, kó kọ́kọ́ da ìṣirò ọjà rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, nítorí lẹ́yìn òpin àdéhùn ó lè má rí i mọ́.

Ìdáhùn tó sọ pé "a ti rí ìwé yín" kì í ṣe ìdáhùn. Ẹ̀rọ ló sábà máa ń fi irú rẹ̀ ránṣẹ́. Èyí tí a ń wá ni èyí tó dárúkọ ọjọ́ òpin, tó sì sọ pé owó kò ní kúrò mọ́. Bí ọjọ́ márùn-ún bá kọjá láìsí irú rẹ̀, kó tún kọ̀wé lórí ímeèlì àkọ́kọ́ yẹn, kí déètì rẹ̀ lè máa hàn. Kó tún wo ojú ìwé owó sísan nínú sọ́fútíwíà náà: níbi tí a ti kọ "Renews on" tẹ́lẹ̀, ó yẹ kó ti di "Ends on" tàbí "Expires on". Bí kò bá tíì yí padà, ọ̀rọ̀ kò tíì parí.

Ó ku ibì kan tí ímeèlì kò ti tó. Àwọn ilé iṣẹ́ kan kọ ọ́ sínú àdéhùn wọn pé àfi kí oníbàárà tẹ "Cancel" fúnra rẹ̀. Bákan náà, bó bá jẹ́ pé inú Google Play tàbí App Store la ti san owó, ibẹ̀ náà la ti ní láti fagi lé e, nítorí àwọn ló ń yọ owó náà. Ẹ wo rìsíìtì yín, ẹ ó rí orúkọ ẹni tó gba owó níbẹ̀.

Kí ìyá wa tọ́jú ìdáhùn tó dárúkọ ọjọ́ òpin náà pọ̀ mọ́ rìsíìtì rẹ̀. Bí owó bá ṣì kúrò ní ọjọ́ 1 Oṣù Kẹwàá, ìwé yẹn ni yóò gbé lọ bá báǹkì rẹ̀.