Ojúde Ọba Ń Bọ̀: Kí Ló Wà Nínú Ímeèlì Yàrá Yín?

Ọjọ́ kẹta Iléyá ni wọ́n máa ń ṣe Ojúde Ọba n'Ìjẹ̀bú-Òde. Bí ọjọ́ náà bá ti ń sún mọ́lé, yàrá hòtẹ́ẹ̀lì á di ohun à ń wá kiri nílùú. Àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ á máa bọ̀ wálé láti Èkó, láti Lọ́ńdọ̀nù, láti Amẹ́ríkà, aṣọ á ti wà lọ́dọ̀ télọ̀. Ẹni tó bá gbọ́n á ti sanwó yàrá sílẹ̀ tipẹ́, ohun kan ṣoṣo tó sì máa ní lọ́wọ́ ni ímeèlì tí hòtẹ́ẹ̀lì fi ránṣẹ́ pé a ti gba yàrá sílẹ̀ fún un.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n máa ń ka irú ímeèlì bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tó wọlé, àlejò á kàn sáré wò ó bóyá orúkọ òun ló wà níbẹ̀. Ìkejì ni ọjọ́ tí nǹkan bá yí padà, tí ara ọmọ ò yá tàbí tí ọkọ̀ òfuurufú pẹ́, tó wá ń wá ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ owó rẹ̀. Tèmi ni pé ìkà ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí ló yẹ kí mánéjà máa rò bó bá ń kọ̀wé.

Ẹ jẹ́ ká fi Ojúde Ọba 2024 ṣe àpẹẹrẹ. Iléyá bọ́ sí ọjọ́ Àìkú, 16 oṣù kẹfà, Ojúde Ọba sì wáyé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, 18. Ká sọ pé tọkọtaya kan àti àwọn ọmọ wọn ń bọ̀ láti Húsítìn ní Amẹ́ríkà. Yàrá méjì ni wọ́n fẹ́, wọ́n á dé lọ́jọ́ Ajé, 17, wọ́n á lọ ní Ọjọ́rú, 19. Òru méjì nìyẹn. Bí yàrá kan bá jẹ́ ₦45,000 lóru kan, gbogbo rẹ̀ di ₦180,000.

Àkọlé ímeèlì náà ló kọ́kọ́ ṣe pàtàkì, torí òun ni àlejò máa fi wá a lórí fóònù nígbà tó bá dúró sẹ́nu géètì tí nẹ́tíwọọ̀kì ò sì dáa. "Ẹ kú àmójúbà o" ò ní ràn án lọ́wọ́. "Yàrá méjì, Ajé 17 sí Ọjọ́rú 19 oṣù kẹfà 2024, owó àsansílẹ̀ ti wọlé" máa ràn án lọ́wọ́. Kí orúkọ ọjọ́ àti déètì jọ wà níbẹ̀, kí ẹni tó bá ṣi ọ̀kan kọ lè fi èkejì mọ̀.

Ọ̀rọ̀ owó àsansílẹ̀ ló tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì á kọ ọ́ pé "ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún," wọ́n á sì dákẹ́. Ìdá ogójì kí ni? Ṣé ti òru kan ni tàbí ti gbogbo rẹ̀? Náírà ni kí wọ́n kọ: "A ti rí ₦72,000 gbà lọ́wọ́ yín ní 20 oṣù karùn-ún. Inú ₦180,000 ni a ti yọ ọ́. ₦108,000 ló kù, ẹ ó san án nígbà tí ẹ bá dé." Kí mánéjà tó kọ "a ti rí i gbà", kó ti wo àkáǹtì fúnra rẹ̀, torí àwòrán álàátì tí àlejò fi ránṣẹ́ kì í ṣe owó. Bí hòtẹ́ẹ̀lì bá tún máa ń gba owó kọ́ṣọ̀n, ká sọ pé ₦20,000, torí ohun tó lè bàjẹ́ nínú yàrá, ìlà tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni kó wà, kí wọ́n sì sọ pé kì í ṣe ara owó yàrá àti pé àlejò á gbà á padà lọ́jọ́ tó bá ń lọ. Bí wọ́n bá da owó méjèèjì pọ̀, àlejò á rò pé ₦92,000 ló ti wà nílẹ̀ fún yàrá. Ibẹ̀ ni ariwo ti máa ń bẹ̀rẹ̀ níwájú káńtà.

Ibi tí ìmọ̀ wà ni ọ̀rọ̀ ìfagilé, torí oṣù ló ń yan ọjọ́ Iléyá. Ọjọ́ kẹwàá oṣù Súlí-Híjà ni Iléyá. Ìyẹn ni pé, títí wọ́n á fi rí oṣù tí Sultan á sì kéde rẹ̀, nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú ọdún, ọjọ́ náà ṣì lè fi ọ̀kan yẹ̀. Lọ́dún 2024, alẹ́ Ọjọ́bọ̀, 6 oṣù kẹfà, ni ọjọ́ tó dájú. Hòtẹ́ẹ̀lì tó bá wá kọ ọ́ pé ẹni tí kò bá fagi lé e ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ti pàdánù owó rẹ̀ ń ní kí àlejò pinnu kí oṣù tó yọ. Ọ̀sẹ̀ kan ló dáa. Ó máa bọ́ sí Ajé, 10 oṣù kẹfà, ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn ìkéde.

Báyìí ni mo ṣe máa kọ ọ́: "Bí ẹ bá fagi lé e kí aago méjìlá ọ̀sán Ajé, 10 oṣù kẹfà tó lù, ẹ ó gba ₦72,000 yín padà láìku kọ́bọ̀. Láti ìgbà náà títí di aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, 14, ẹ ó gba ₦36,000. Lẹ́yìn ìyẹn, a ò ní lè dá owó padà, ṣùgbọ́n a ò ní béèrè ₦108,000 tó kù. Aago Nàìjíríà ni a ń lò." Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ò ṣeé fi ṣeré, torí aago méjìlá ọ̀sán wa jẹ́ aago mẹ́fà àárọ̀ ní Húsítìn lóṣù kẹfà. Àlejò tó ní òun ń dúró di ọ̀sán tiwọn á ti fi wákàtí mẹ́fà pẹ́. Kí ímeèlì tún sọ bí wọ́n ṣe ń fagi lé e: ẹ fèsì sí ímeèlì yìí, wákàtí tó bá wọlé sí wa la ó kà. Kí hòtẹ́ẹ̀lì fi gbólóhùn kan kún un pé bí Iléyá bá yẹ̀ lọ́jọ́ kan, àwọn á bá àlejò sún òru rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Kò ná wọn ní nǹkan púpọ̀, torí gbogbo àlejò ọdún ló ń sún pọ̀.

Òfin ìdíje àti ìdáàbòbò oníbàárà ti ìjọba àpapọ̀, ti ọdún 2018, fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti fagi lé ohun tó ti gbà sílẹ̀. Olùtajà lè yọ owó díẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ jẹ́ iye tó bọ́gbọ́n mu. "A kì í dá owó padà rárá," láìka bí àlejò ṣe tètè sọ, kò bá ìyẹn lọ.

Ó ku wákàtí ìdé. Mẹ́ta ni wákàtí tó wà níbẹ̀, wọn kì í sì í jọra: ìgbà tí yàrá máa ṣetán, ìgbà tí àlejò ní òun máa dé, àti ìgbà tí hòtẹ́ẹ̀lì máa di yàrá mú dé. Bí wọ́n bá kàn kọ "Ìdé: aago méjì ọ̀sán," ẹni tó máa dé lálẹ́ á máa bẹ̀rù pé wọ́n ti fún ẹlòmíràn. Kí wọ́n kọ ọ́ pé yàrá ti ṣetán láti aago méjì, pé aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni àlejò dá, pé wọn ò sì ní fún ẹnikẹ́ni títí aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ kejì. Kí mánéjà sì bi àlejò bóyá aago mẹ́sàn-án yẹn ni ọkọ̀ òfuurufú á balẹ̀ n'Íkẹjà, tàbí ni wọ́n á dé Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹni tó bá balẹ̀ ṣì ní pásípọ́ọ̀tù, ẹrù àti ojú ọ̀nà níwájú. Ó lè di aago kan òru kó tó dé, déètì á ti di 18, bẹ́ẹ̀ òru Ajé mọ́jú Ìṣẹ́gun ló sanwó fún. Kí ímeèlì fi "òru Ajé mọ́jú Ìṣẹ́gun" hàn gbangba, kí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru má baà wo ìwé kó sọ pé àná ló yẹ kí wọ́n dé.

Nọ́ńbà fóònù ló máa ń kẹ́yìn. Ti ọ́fíìsì ni wọ́n sábà máa ń kọ síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ́fíìsì á ti tì láti aago mẹ́fà. Nọ́ńbà ẹni tó máa ṣí géètì ní aago kan òru ni kí wọ́n kọ.